Nígbà tí Ọ̀rẹ́ Bá Sọ Pé, "Wọ́n Ní Jẹjẹrẹ Ni"

Ọ̀pọ̀ ìgbà, orí fóònù ni irú ìròyìn yìí ti ń bá èèyàn. Ọ̀rẹ́ wa á pè lásìkò tí kì í sábà pè, á kí wa, á béèrè àwọn ọmọ, á wá dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ pé, "Èsì àyẹ̀wò yẹn ti jáde o. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú ni." Kó tó sọ ọ́ tán, ẹnu wa ti yá: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kì í ṣe tìrẹ! Irọ́ ni wọ́n ń pa! Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù!" Mùsùlùmí inú wa á ti máa wá ààbò lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run kúrò lọ́wọ́ ibi. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sí àní-àní. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe sí ẹni tó gbé ìròyìn wá. Ìwé èsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, ó ti rìn jáde ní yàrá náà, ó ti wá ẹni tí yóò sọ fún, àwa ló sì pè. Bí a ṣe ń kọ ìròyìn náà, bẹ́ẹ̀ la ń dá a padà sọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó lè ṣe ju pé kó ṣe "Àmín", kó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, kó sì gbé fóònù sílẹ̀ láìsọ ohun tó tìtorí rẹ̀ pè.

Àdúrà kọ́ ni mo ń bá jà. Aláìsàn tó nígbàgbọ́ ń fẹ́ kí a gbàdúrà fún òun, ó sì máa ń mú ọkàn rẹ̀ le. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kí a jẹ́ kó hàn sí ẹni tó sọ ọ́ pé a gbọ́, kí àdúrà wá tẹ̀lé e. Àdúrà tó bá gba ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu máa ń dà bí ìgbà tí a pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn.

Ká tó mọ ohun tó yẹ ká sọ, ó yẹ ká mọ ibi tí nǹkan dé lára ẹni tó ń pè. Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Olùkọ́ ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn, ẹni ọdún 41 ni, ó bí ọmọ mẹ́ta. Ibi tó ti ń wẹ̀ ló ti fọwọ́ kan kókó kan lọ́mú òsì. Kò dùn ún, ìdí nìyí tó fi ń sún un síwájú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó lọ ya mamogíráàmù, èyí tí í ṣe fọ́tò inú ọmú, wọ́n sì ṣe sikáànù fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ oníhò gba ẹran tín-ín-rín nínú kókó náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí láàbù. Èyí ni wọ́n ń pè ní báyọ́sì. Èsì rẹ̀ kì í jáde lọ́jọ́ kan. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè gba mẹ́ta, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní gbogbo ìgbà náà Àbẹ̀kẹ́ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ó ń dáná alẹ́, kò sì sùn.

Ìwé tó gbà lónìí sọ ohun kan ṣoṣo fún un: jẹjẹrẹ ni. Kò tíì sọ irú èyí tó jẹ́. Wọ́n ṣì máa tún ẹran yẹn yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ẹ́sítírójìn, ìyẹn omi ara tó ń mú obìnrin dàgbà di obìnrin, ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà tàbí òun kọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ oògùn tí yóò bá a mu. Kò tíì sọ bó ṣe tàn tó pẹ̀lú. Sikáànù àyà àti ti ikùn, nígbà mìíràn ti egungun, ló máa sọ ìyẹn, ó sì lè di ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Nítorí náà, bí a bá ń bi í pé, "Ipele kélòó ló wà?" "Ṣé kò tíì ràn?" "Ṣé wọ́n máa gé e ni?", ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn sí ni à ń bi í. Gbogbo "mi ò mọ̀" tó bá sì sọ ń dá kún ẹ̀rù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè tún gbogbo ohun tí dókítà sọ sọ. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn jẹjẹrẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: lẹ́yìn tí etí aláìsàn bá ti gbọ́ orúkọ àìsàn náà, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n bá sọ tẹ̀ lé e kì í wọlé mọ́.

Kí wá ni ọ̀rẹ́ lè sọ? Àbẹ̀kẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Dámọ́lá. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá lọ báyìí, ó lọ dáadáa:

"Ìyá Dámọ́lá, èsì yẹn ti jáde. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni."

"Háà, Àbẹ̀kẹ́. Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi."

Ó dákẹ́. Kò sáré fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo náà. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó béèrè pé, "Ibo lo wà báyìí? Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"Mo wà nínú mọ́tò, níwájú ilé ìwòsàn. Èmi nìkan ni."

"Má tíì wakọ̀. Jókòó síbẹ̀, mi ò ní gbé fóònù sílẹ̀. Ṣé o fẹ́ sọ bó ṣe lọ fún mi, àbí ká kàn wà báyìí?"

Àbẹ̀kẹ́ bú sẹ́kún. Ìyá Dámọ́lá kò sọ pé, "Má sunkún." Ohun tó ń sọ ni, "Mò ń gbọ́ ẹ. Mo wà níbí." Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò sọ nípa jẹjẹrẹ rárá. Ọkọ rẹ̀ wà ní ìrìn àjò, kò mọ bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún un lórí fóònù, ọmọ rẹ̀ àgbà sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á lónìí nìyẹn, a kì bá sì mọ̀ ọ́n láéláé bí a bá ti kó àdúrà àti ìmọ̀ràn bò ó mọ́lẹ̀.

Kí wọ́n tó parí, Ìyá Dámọ́lá béèrè, "Ṣé ká gbàdúrà?" Àbẹ̀kẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì gba èyí tó ṣe ṣókí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màá pè ọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́. Bí o ò bá lè sọ̀rọ̀, má wulẹ̀ gbé e, màá mọ̀ pé o ń sinmi." Ó sì pè é ní aago mẹ́jọ.

Ẹ kíyè sí ìbéèrè tó kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó ń sunkún lẹ́yìn ìdarí mọ́tò kò yẹ kó máa wakọ̀, ẹni tó dá nìkan wà sì nílò ẹnì kan nítòsí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbéèrè "ibo lo wà, ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ" rọrùn láti dáhùn, ó sì ń mú ìrànlọ́wọ́ jáde láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí a kò bá mọ ohun tí a lè sọ lẹ́yìn ìyẹn, a lè sọ bẹ́ẹ̀: "Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé o pè mí." Òtítọ́ ni, kò sì sí aláìsàn tó ń retí pé kí ọ̀rẹ́ òun ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lẹ́nu lójú ẹsẹ̀.

Bó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ló fi ránṣẹ́, kó dá wa lójú pé kò lágbára láti gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni lákòókò náà ni. Kí a fi àtẹ̀jíṣẹ́ dá a lóhùn, kí a sì kọ ọ́ sí i pé kò pọn dandan kó fèsì. Aláìsàn tó gba ogójì "kí ló ṣẹlẹ̀?" lójú kan ti ní iṣẹ́ mìíràn tó fẹ́ ṣe.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dunni, àwọn kan sì wà tó lè pa ènìyàn. Mo fẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé ìkejì ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí jù.

Lára àwọn tó ń dunni ni ìtàn òkú. "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi náà ní i, kò pé oṣù mẹ́fà." A ò mọ ìdí tí a fi ń sọ ọ́, bóyá ká lè fi hàn pé a mọ àìsàn náà. Ìtàn ẹni tó yè kì í fi gbogbo ìgbà dára jù, nítorí pé irú jẹjẹrẹ ti ìyẹn lè yàtọ̀ pátápátá. Kí a mú un sílẹ̀ títí aláìsàn yóò fi béèrè. "O ṣì kéré sí i" náà wà níbẹ̀, a sì máa ń rò pé ìtùnú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn obìnrin wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàádé, tó kàwé ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ máa ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ṣikágò, wà lára àwọn tó fi ìwádìí hàn pé jẹjẹrẹ ọmú máa ń mú obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́jọ́ orí tó kéré sí ti àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun, àti pé irú èyí tó le, tí ẹ́sítírójìn kò bọ́, pọ̀ láàárín wọn ju ti àwọn yẹn lọ. Obìnrin ẹni ọdún 41 tí a bá sọ fún pé ó ti kéré jù á wulẹ̀ máa ronú pé kí ni òun ṣe tó fi jẹ́ òun ló bọ́ sí lára.

Ìyẹn ló fà wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀. "Ta lo bá jà níbi iṣẹ́?" "Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́?" "Ó dá mi lójú pé ọwọ́ ayé wà nínú ẹ̀." Ẹni tó ń kàwé Jóòbù máa rántí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje àti òru méje, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n rí i pé ìrora rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ méje yẹn ni wọ́n ṣe é dáadáa jù. Ìgbà tí wọ́n lanu láti wá ohun tó ṣẹ̀ ni wọ́n bà á jẹ́. Ẹni tí a bá gbìn sí lọ́kàn pé aráyé ló wà lẹ́yìn àìsàn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ìyá ọkọ, aládùúgbò, ọ̀gá ilé ìwé, gẹ́lẹ́ nígbà tó nílò gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ tó lè pa ènìyàn ni èyí tó bá fà á kúrò lọ́nà ilé ìwòsàn. Mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ jù. Àkọ́kọ́ ni pé, "Má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kàn án, abẹ ló ń mú un tàn." Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa kì í dé ilé ìwòsàn títí kókó náà yóò fi di egbò, títí yóò fi dé abíyá tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹnì kan nínú wọn, ó kú lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn ará ilé sì so ikú náà mọ́ abẹ tí wọ́n rí, wọn ò so ó mọ́ ọdún kan tí wọ́n fi dúró nílé. Kókó tí wọ́n tètè gé, tí kò tíì kúrò nínú ọmú, ni ìrètí ìwòsàn pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Abẹ́rẹ́ báyọ́sì kò sì dín ọjọ́ ayé aláìsàn kù.

Èkejì ni, "Dúró ná, jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ rí bàbá kan." Ó lè jẹ́ wòlíì, ó lè jẹ́ àfáà, ó lè jẹ́ oníṣègùn. Bàbá náà lè jẹ́ ẹni rere. Àmọ́ "kọ́kọ́" yẹn ni ewu. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá fẹ́ kí ẹnì kan gbàdúrà fún òun, kó lọ lọ́jọ́ tí kò sí ìpàdé dókítà, kí ìtọ́jú máa lọ. Oṣù mẹ́ta tí a fi gbààwẹ̀ lórí òkè kí a tó lọ ya sikáànù kì í padà wá mọ́.

Ẹ̀kẹta ni àgbo. Bí ọ̀rẹ́ bá ti gbé ìgò wá, ojú máa ń ti aláìsàn láti kọ̀ ọ́, á sì mu ún ní ìkọ̀kọ̀ láìsọ fún dókítà. Oògùn jẹjẹrẹ lágbára, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń yọ ọ́ kúrò lára, ewé àti egbò tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ sì lè kó ìnira bá àwọn ẹ̀yà ara kan náà. Bó bá ti mu ún, ohun tó yẹ kí ọ̀rẹ́ sọ kò ju, "Ẹ jẹ́ ká sọ fún dókítà pé o mu ún. Màá bá ọ sọ ọ́." Kí a má jágbe mọ́ ọn. Ẹni tí a jágbe mọ́ á kàn tún un mu níbi tí a kò ti ní rí i.

Bí ó bá ń ṣiyèméjì sí èsì náà ńkọ́? Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó béèrè kí wọ́n gbé ẹran tí wọ́n gé lọ fún dókítà láàbù mìíràn láti tún un yẹ̀ wò. Láàbù a máa tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, kò sì di dandan kí wọ́n tún gé e. Ọ̀rẹ́ lè bá a béèrè. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí "irọ́ ni wọ́n ń pa", nítorí pé ọ̀nà tó lọ tààrà ni, ó sì ní òpin.

Ìròyìn yìí kì í ṣe tiwa. Àbẹ̀kẹ́ lè má fẹ́ kí ọ̀gá ilé ìwé mọ̀, ó lè má fẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́ títí yóò fi rí i lójú. Nítorí náà, láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó yẹ kí ọ̀rẹ́ béèrè pé, "Ta ló ti gbọ́? Ta ni o fẹ́ kó gbọ́ lẹ́nu mi?" Kó sì tẹ̀ lé ìdáhùn náà gẹ́lẹ́. Àdúrà tí a gbé sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ pé, "Ẹ bá mi rántí ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan kan lọ́mú rẹ̀," ti sọ orúkọ rẹ̀ tán fún gbogbo ẹni tó mọ̀ wá.

Sùsáàn Sílíìkì, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, tí òun náà ní jẹjẹrẹ ọmú, àti Bárì Góòdùmáànù kọ àlàyé kan sínú ìwé ìròyìn Lọsi Ánjẹ́lẹ́sì Táìmùsì ní 2013 tó ṣì wúlò títí dòní. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Sùsáàn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ní òun fẹ́ wá kí i. Sùsáàn ní òun kò tíì lè gba àlejò. Ẹlẹgbẹ́ náà fèsì pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Sùsáàn nìkan. Láti inú ìyẹn ni wọ́n ti gbé ìlànà wọn jáde: fa òbírí kan, kọ orúkọ aláìsàn sáàárín, fa òmíràn yí i ká, kọ ọkọ tàbí aya tàbí ọmọ sí i, kí ẹbí wà lẹ́yìn wọn, kí ọ̀rẹ́ tẹ̀ lé ẹbí, kí ojúlùmọ̀ wà lóde. Ìtùnú ni kó máa lọ sí àárín. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ń ba àwa náà, tí a fẹ́ sunkún, tí a fẹ́ ráhùn sí Ọlọ́run, ẹni tó wà ní òbírí tó jìnnà ju tiwa lọ la máa lọ bá. Àbẹ̀kẹ́ lè sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Dámọ́lá kò lè pe Àbẹ̀kẹ́ láàárín òru kó sọ fún un pé òun kò lè sùn nítorí tirẹ̀, nítorí pé Àbẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú. Ọkọ Àbẹ̀kẹ́ náà kọ́ ló yẹ kó lọ pè. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń gbé ní Òṣogbo ló yẹ kó gbọ́ ọ, bí Àbẹ̀kẹ́ bá ti gbà kí onítọ̀hún mọ̀.

Èyí kan àṣà ìbẹ̀wò wa gan-an. Nílé wa, ẹni tí kò wá kí aláìsàn ló ṣẹ̀, nítorí náà ènìyàn mẹ́wàá lè dé ní Sátidé kan, aláìsàn á sì dìde wá kí wọn, á ní kí ọmọ lọ ra ohun mímu. Ó dára jù kí a pè ṣáájú, kí a dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a sì kúrò kó tó rẹ̀ ẹ́. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọ̀rọ̀ náà tún le ju ìwà ọmọlúàbí lọ. Ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, èyí tí wọ́n ń pè ní kímò, ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, èébì àti àìlè jẹun ló máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Láti nǹkan bí ọjọ́ keje títí dé ọjọ́ kẹrìnlá, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù, ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn tí àlejò gbé wá sì lè di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n 38 lórí tẹmomítà, wọn kì í dúró di ọ̀la, wọn kì í fi pàrá tù ú nílé, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Ọ̀rẹ́ tó bá ra tẹmomítà, tó fi hàn wọ́n nílé bí wọ́n ṣe ń lò ó, tó sì sọ pé, "Ẹ pè mí nígbàkigbà, mọ́tò mi wà," ti ṣe ju ọ̀pọ̀ àlejò lọ.

Ohun tó fà á nìyí tí "bí o bá nílò ohunkóhun, sọ fún mi" kò fi ń ṣiṣẹ́. Ó gbé iṣẹ́ ríronú àti ti bíbéèrè lé ẹni tó ti rẹ̀ lórí, ọmọ Yorùbá sì máa ń tijú láti tọrọ. Ohun tó ní ọjọ́ àti àkókò ni kí a gbé wá: "Màá bá ọ lọ sí ilé ìwòsàn Oríta Mẹ́fà ní Ọjọ́rú. Màá mú ìwé dání, màá kọ ohun tí dókítà bá sọ sílẹ̀." Etí méjì dára nínú yàrá yẹn. "Ọ̀dọ̀ mi làwọn ọmọ máa sùn lálẹ́ ọjọ́ tí o bá gba oògùn." Bí wọ́n bá ní kó mú ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ wá kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kí ọ̀rẹ́ wá ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ láìjẹ́ kí ọkọ rẹ̀ máa pariwo kiri. Kí a sì rántí pé owó àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ń ná lórí àìsàn yìí. Ẹni tó bá ní, kó fi sí àkáǹtì rẹ̀, kó má béèrè iye tó kù, kó má sì wá béèrè èsì ohun tí wọ́n fi ṣe.

Irun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í já ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn oògùn àkọ́kọ́. "Irun lásán ni, yóò tún hù" jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí ó bá fẹ́ fá a kó tó já tán, kí a bá a fá a. Bí gèlè ló fẹ́, kí a bá a wé e.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan tí a kì í fẹ́ gbọ́. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí sikáànù bá ti fi hàn pé ó ti dé ẹ̀dọ̀, tàbí lọ́jọ́ tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá, Àbẹ̀kẹ́ lè sọ pé, "Ìyá Dámọ́lá, ó dà bíi pé mi ò ní yè é." Gbogbo ara wa á fẹ́ pariwo pé, "Ẹnu rẹ kọ́ la ó ti gbọ́ ọ! Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!" Ó sì máa gbọ́. Kò ní sọ ọ́ fún wa mọ́, yóò máa rò ó nìkan lóru.

Ìyá Dámọ́lá lè sún mọ́ ọn, kó ní, "Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù jù nínú ẹ̀?" Kó wá dúró de ìdáhùn, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bó bá jẹ́ ìrora ni, a lè bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí oògùn ìrora, kí ó má sì máa rò pé dandan ni kó fara dà á. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, tó ń bẹ̀rù pé kò ní sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ bó bá bàlágà. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ tó rà ní Akóbọ̀, tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Ó lè jẹ́ owó àjọ ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó fẹ́ kí ẹnì kan kà pẹ̀lú òun. Àwọn wọ̀nyí ní ọ̀nà. A lè ní, "Jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀la ni màá lọ gba ìwé ilẹ̀ náà, bí o bá fún mi láyè." Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, tí ó bá fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n gbàdúrà, bó bá sì jẹ́ pé oúnjẹ ló fẹ́, kí Ìyá Dámọ́lá lọ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un.